Ibi Tí Ọwọ́ Ti Mọ̀: Bí A Ṣe Ń To Táskì-báà àti Start Lórí Windows 11

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ nìyí o, mo kàn tẹ̀ ẹ́ jáde bí mo ṣe sọ ọ́ ni, mo yọ àwàdà kan tàbí méjì tí kò dùn kúrò.

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè nkan kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan iná yàrá yín lóru, ṣé ẹ máa ń wá ibi tí súwíìṣì wà ni? Rárá o. Ọwọ́ á kàn lọ síbẹ̀ ni, ojú ò tiẹ̀ tíì là tán. Ó dáa, ká wá sọ pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé àga kan wọ yàrá yẹn ni súwíìṣì ń sún díẹ̀ lára ògiri ńkọ́? Ṣebí ẹ ó máa fọwọ́ pá ògiri kiri lálaalẹ́ ni. Ohun tí táskì-báà Windows 11 ń ṣe fún ọ̀pọ̀ nínú yín láti àárọ̀ dalẹ́ gan-an nìyẹn, ẹ ò kàn fọkàn sí i ni.

Táskì-báà ni ọ̀já gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ síkíríìnì yẹn, ibi tí bọ́tìnnì Start àti àwọn áíkóònù wà. Láti ìgbà Windows 95 ló ti wà, 1995 nìyẹn, àti látìgbà náà ni Start ti ń jókòó sí igun òsì nísàlẹ̀, ọwọ́ gbogbo ayé sì ti mọ ibẹ̀. Nígbà tó di 2021 tí Windows 11 jáde, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ wá sí àárín. Àwọn kan ní ó rẹwà, mi ò bá wọn jiyàn. Ọ̀rọ̀ ẹwà kọ́ ló gbé mi wá síbí, ọ̀rọ̀ ohun tó ń sún kúrò láyè ẹ̀ ni.

Ẹ wò ó dáadáa. Tí wọ́n bá to nkan sí àárín, tí ẹyọ kan bá kún un lápá ọ̀tún, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ sún sí òsì kí gbogbo wọn tó lè wà láàárín padà, àbí? Ẹyọ kan tó bá wọlé, gbogbo wọn á sún ní ìdajì áíkóònù kan. Tí méjì bá wọlé, áíkóònù odidi kan ni wọ́n fi sún. Ẹ ṣe é fúnra yín lálẹ́ òní: ẹ gbé òǹtọ́ka máòsì sórí áíkóònù Excel, kẹ́ ẹ má sún un mọ́, ẹ wá fi kíbọ́ọ̀dù ṣí áàpù méjì tí kò sí lórí táskì-báà tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ Notepad, ẹ tẹ Enter, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún Paint. Ẹ wá wo abẹ́ òǹtọ́ka máòsì yín. Excel ti lọ, ẹni tó jókòó tì í lọ́tùn-ún ló ti gba ipò ẹ̀. Ẹ ò ṣe nkan kan o, ilẹ̀ ló yẹ̀ lábẹ́ yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá pa àwọn áàpù méjèèjì, gbogbo ẹ̀ á tún sún padà. Start pàápàá ń sún pẹ̀lú wọn, torí òun náà wà nínú èrò tí wọ́n kó sí àárín yẹn.

Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé fún mi nìyí. Mo á ráìtì-kílíìkì ibi tó ṣófo lórí táskì-báà, Taskbar settings á jáde, mo á tẹ̀ ẹ́, mo á lọ sísàlẹ̀ ibi tí wọ́n kọ Taskbar behaviors sí, mo á ṣí i, mo á wá yí Taskbar alignment kúrò ní Center sí Left. Ó tán. Kò gba ìṣẹ́jú kan, kò ní kẹ́ ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, lójú ẹsẹ̀ ló máa sún. Láti ìsinsìnyí lọ, Start á wà ní igun, àwọn tẹ́ ẹ kàn mọ́lẹ̀, ìyẹn àwọn tó máa ń wà níbẹ̀ bí wọn ò tiẹ̀ sí ní ṣíṣí, á tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn wọn lápá ọ̀tún ni àwọn àlejò á máa tò sí bí wọ́n bá ṣe ń wọlé. Àlejò ò lè ti onílé mọ́.

Ẹnì kan dìde níbẹ̀ nígbà tí mo dé ibí yìí, ó ní òun fẹ́ gbé e lọ sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe wà ní Windows 10 nígbà tí wọ́n ń fi máòsì wọ́ ọ síbi tó wù wọ́n. Mo sọ fún un pé wọ́n yọ ìyẹn kúrò nígbà tí Windows 11 jáde, ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ nígbà náà. Àwọn èèyàn máa ń fi áàpù mìíràn gbé e lọ sókè, ó máa ń ṣiṣẹ́ títí dìgbà tí ọ́pídéètì ńlá kan bá dé tí gbogbo ẹ̀ á dàrú, èmi ò fi sórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ mi.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ojú ìwé Settings yẹn, nkan méjì péré sí i. Lókè níbẹ̀ ẹ ó rí Taskbar items. Search tó wà níbẹ̀, ẹ lè yí i sí Hide, torí àpótí yẹn fẹ̀ ju áíkóònù mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ ò nílò ẹ̀: ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows lórí kíbọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tẹ́ ẹ ń wá, ibì kan náà ló ń gbé yín lọ. Task view náà, bọ́tìnnì tó ń fi gbogbo fèrèsé tó wà ní ṣíṣí hàn lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ ò bá lò ó, ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, Windows pẹ̀lú Tab ń ṣí i.

Ó dáa, ilẹ̀ ti dúró. Ta ló wá yẹ kó máa gbé orí ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ìwé owó fáwọn oníṣòwò kéékèèké. Ó pè mí pé kọ̀ǹpútà òun ti ń lọ́ra. Mo débẹ̀, kọ̀ǹpútà ò lọ́ra rárá, òun ló ń lọ́ra, torí áíkóònù mọ́kàndínlógún ló kàn mọ́ táskì-báà. Mo jókòó tì í, mo wo bó ṣe ń ṣe. Tó bá fẹ́ ṣí ẹ̀rọ ìṣirò, ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ rìn láti òsì lọ sọ́tùn-ún, á kọjá a, á tún padà. Mo bi í pé èwo nínú ìwọ̀nyí lo fọwọ́ kàn lónìí, ó ní mẹ́fà. Lánàá ńkọ́? Àwọn mẹ́fà yẹn náà, pẹ̀lú ẹyọ kan.

Ohun tá a ṣe ò díjú. A fi bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ìgbà tó bá ṣí áàpù kan, á fa ìlà kékeré kan síwájú orúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́fà ló ní ìlà lójoojúmọ́: File Explorer, Chrome, Excel, Word, Calculator àti Outlook. Àwọn yòókù ní ẹyọ kan tàbí òdo. Mo ní kó ráìtì-kílíìkì ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn aláìṣiṣẹ́ yẹn kó yan Unpin from taskbar. Ó kọ́kọ́ ń bẹ̀rù, ó rò pé á pa áàpù yẹn rẹ́ ni. Rárá o, ẹ fi í sọ́kàn, àmì tó wà lójú ọ̀nà lẹ yọ, ẹ ò wó ilé. Áàpù náà ṣì wà nínú Start.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi ń pariwo lórí ètò wọn. Ipò tí áíkóònù wà lórí táskì-báà, nọ́ńbà ni. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú kẹ́ ẹ tẹ 1, ẹni àkọ́kọ́ á ṣí. Ẹ tẹ 2, ẹnì kejì. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé 9, tó fi jẹ́ pé 0 ni ti ẹnì kẹwàá. Start àti Search kò sí nínú kíkà yẹn, àwọn áàpù nìkan ló ń kà. Tí áàpù yẹn ò bá tíì ṣí, á ṣí i, tó bá ti wà ní ṣíṣí, á gbé e wá síwájú. Tẹ́ ẹ bá fi Shift kún un, fèrèsé tuntun míì ni á ṣí. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá wọ́ Excel lọ sí ipò kẹta, Windows pẹ̀lú 3 ni Excel títí ayé, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ò bá tún ètò náà yí. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ò ní lè há a sórí. Kò há a sórí lóòótọ́, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì tí mo bi í pé nọ́ńbà mélòó ni Calculator, kò lè sọ, ó ní kí n jẹ́ kóun gbọ́wọ́ lé kíbọ́ọ̀dù ná. Ọwọ́ mọ̀ ọ́n, orí ò mọ̀ ọ́n.

Láti tún wọn tò, ẹ fi máòsì di áíkóònù mú kẹ́ ẹ wọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n kó àwọn tí wọ́n ń lò pọ̀ sí ìtòsí ara wọn, kí ẹyọ tí wọ́n ń lò jù wà láàárín 1 sí 4, torí ọwọ́ òsì nìkan ló lè dé ibẹ̀ wẹ́rẹ́ nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún wà lórí máòsì. Láti 6 sókè, ẹ ó ní láti gbọ́wọ́ kúrò, nígbà yẹn máòsì ti yá jù ú lọ.

Ibì kan wà tó máa ń dà wọ́n láàmú tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, ìyẹn ni áíkóònù onímejì. Ẹ kan áàpù kan mọ́lẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, àmọ́ dípò kó ṣí sórí ara ẹ̀, áíkóònù míì tó jọ ọ́ á yọ lápá ọ̀tún pátápátá. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ wo abẹ́ wọn. Áàpù tó bá wà ní ṣíṣí máa ń ní ìlà kékeré kan lábẹ́ áíkóònù ẹ̀, ìlà yẹn á gùn díẹ̀ sí i tó bá jẹ́ òun ló wà níwájú. Tí èyí tẹ́ ẹ kàn mọ́lẹ̀ ò bá ní ìlà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣí i, tí ẹnì kejì tó wà lọ́tùn-ún wá ní in, ìbejì lẹ bí yẹn.

Ohun tó fà á nìyí. Windows kì í fi àwòrán áíkóònù mọ ẹni tó ni fèrèsé. Áàpù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìdánimọ̀ kan tó ń jẹ́ AppUserModelID, òun ni Windows fi ń sọ pé fèrèsé yìí àti áíkóònù yìí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Tí áíkóònù tẹ́ ẹ kàn mọ́lẹ̀ bá jẹ́ ti fáìlì kan tó kàn ń ṣí áàpù gidi tó sì ń lọ, tàbí tó jẹ́ ti ẹ̀dà àtijọ́ tí ọ́pídéètì ti fi òmíràn rọ́pò, orúkọ méjèèjì ò bára mu mọ́, Windows á sì kà wọ́n sí ẹni méjì. Ìdí yìí náà ni Chrome fi máa ń ní áíkóònù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún púrófáìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe o, ìdánimọ̀ wọn ló yàtọ̀, ó tiẹ̀ wúlò tẹ́ ẹ bá ní ti ibi iṣẹ́ àti ti ilé.

Àtúnṣe ẹ̀ rọrùn. Ẹ Unpin èyí tí kò ní ìlà lábẹ́. Ẹ fi áàpù náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ lọ bá áíkóònù tó ní ìlà, ẹ ráìtì-kílíìkì rẹ̀, ẹ yan Pin to taskbar, kẹ́ ẹ wá wọ́ ọ padà sí ipò ẹ̀. Ara fèrèsé tó ń ṣiṣẹ́ lẹ ti kàn án báyìí, orúkọ ìdánimọ̀ tòótọ́ ló sì gbé wá. Èmi ò tiẹ̀ kan áàpù mọ́lẹ̀ láti Desktop mọ́, àfi tó bá ti wà ní ṣíṣí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kíkó jọ, ibí yìí lẹnu ti ń kùn jù.

Bí Windows 11 ṣe wá, tẹ́ ẹ bá ṣí fáìlì Excel mẹ́rin, áíkóònù kan ṣoṣo lẹ ó rí. Ẹ ó gbé máòsì lé e, àwòrán kéékèèké mẹ́rin á yọ sókè, ẹ ó wá máa wo èwo ni èwo. Tàwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ tábìlì owó, àwòrán wọn jọra bí omi méjì. Èmi fúnra mi ti jìyà ẹ̀. Mo ń kó iye owó oṣù tuntun kan wọ fáìlì, mo lọ ka nkan nínú bùráwúsà, mo padà wá, mo tẹ àwòrán tí mo rò pé òun ni, mo tẹ Ctrl+V, mo tẹ Ctrl+S. Ti oṣù tó kọjá ni. Ìlà ogójì ó lé ni mo fi bo èyí tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀, ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń jókòó síwájú yín.

Láti 2021 tó jáde títí di apá ìparí 2023, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè tú wọn ká lórí Windows 11. Ó ti padà báyìí. Nínú Taskbar behaviors kan náà yẹn, ẹ wá Combine taskbar buttons and hide labels. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Always ni kíkó jọ nígbà gbogbo. Never ni kí fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì tiẹ̀ pẹ̀lú orúkọ fáìlì lára ẹ̀. When taskbar is full ni kó tú wọn ká títí àyè fi máa kún, kó tó wá kó wọn jọ.

Ọ̀pọ̀ máa ń yan ẹ̀kẹta yẹn torí ó jọ pé ó gbọ́n. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ súwíìṣì. Bó ṣe ń ṣe ni pé nǹkan á wà ní ṣíṣí sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ẹ ó ṣí fèrèsé kan sí i, àyè á kún, ó ká a jọ lójijì, bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ á ti di áíkóònù lásán níbòmíràn. Ẹ pa fèrèsé kan, ó tún tú ká. Ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ nílò pé kí nkan dúró jẹ́, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń jó kiri. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjì tó kù.

Èwo nínú méjèèjì? Síkíríìnì yín ló máa sọ. Lórí mónítọ̀ tó fẹ̀, Never dáa fún ẹni tó ń ṣí fáìlì bíi mẹ́ta mẹ́rin láti inú áàpù kan náà. Lórí láàpútọ́ọ̀pù kékeré, Never á kún kíákíá, àwọn tí kò rí àyè á lọ sínú àmì tó ní ẹ̀kán mẹ́ta lápá ọ̀tún, fèrèsé tó bá sì wọ ibẹ̀, ojú ti kúrò lára ẹ̀ nìyẹn. Níbẹ̀ ẹ fi í sí Always, kẹ́ ẹ wá kọ́ nkan kan: ẹ di Ctrl mú kẹ́ ẹ máa tẹ áíkóònù Excel, á máa gbé fèrèsé ẹ̀ wá síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ní títóbi, kì í ṣe àwòrán kékeré, ẹ ó rí ohun tó wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nkan.

Never náà kò tú ìdílé ká o. Àwọn fèrèsé Excel á ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ipò tẹ́ ẹ fún Excel, wọn ò ní lọ dà pọ̀ mọ́ ti Word. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ìkọ̀kọ̀ kan hàn yín tó jẹ́ pé Never ò wúlò láìsí i. Orúkọ tó máa hàn lórí bọ́tìnnì kì í gùn, bí ọ̀rọ̀ kan àbọ̀ ni, á wá gé e. Ọ̀rẹ́ mi ń pe àwọn fáìlì ẹ̀ ní «Àkọsílẹ̀ owó oníbàárà oṣù kẹta», «Àkọsílẹ̀ owó oníbàárà oṣù kẹrin», bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A tú wọn ká tán, bọ́tìnnì mẹ́rin ló tò lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn ń jẹ́ «Àkọsílẹ̀ owó…». Ó wò mí, mo wò ó, a bú sẹ́rìn-ín. A wá yí orúkọ wọn kó jẹ́ ohun tó yàtọ̀ ló ṣáájú: «03 àkọsílẹ̀ owó», «04 àkọsílẹ̀ owó». Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kó rí i láìṣe wàhálà, bọ́tìnnì tó kọ 04 kò lè jọ 03 mọ́ lójú ẹ̀.

Fún fáìlì tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́, ẹ tún lè ráìtì-kílíìkì áíkóònù Excel, àwọn fáìlì tẹ́ ẹ ṣí láìpẹ́ á yọ, ẹ gbé máòsì lé orúkọ kan, ẹ ó rí àmì ìṣó kékeré kan lápá ọ̀tún ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Fáìlì yẹn á máa wà lókè níbẹ̀, kò ní bá àwọn yòókù lọ. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n á lọ sí Settings fún Start, wọ́n á pa Show recommended files in Start, recent files in File Explorer, and items in Jump Lists torí wọn ò fẹ́ kí fáìlì wọn máa hàn nínú Start, lọ́jọ́ kejì wọ́n á ní táskì-báà ti bàjẹ́, fáìlì àìpẹ́ ò yọ mọ́ táwọn bá ráìtì-kílíìkì. Kò bàjẹ́. Orúkọ sẹ́tíǹgì yẹn ló gùn tí wọn ò kà á dópin, Jump Lists tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀ ni àkójọ tó ń yọ tẹ́ ẹ bá ráìtì-kílíìkì yẹn.

Ó wá kan Start fúnra ẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Èrò mi ni pé táskì-báà ni orí tábìlì, Start ni dúrọ́ọ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń lò lójoojúmọ́ wà lórí tábìlì, ohun tẹ́ ẹ ń lò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, èyí tẹ́ ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò yẹ kó wà ní ọ̀kankan, ẹ ó kọ orúkọ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀. Nítorí náà ẹ má kan nkan kan náà mọ́ ibi méjèèjì, ẹ̀ ń jẹ àyè ni.

Ẹ ṣí Start, ẹ ráìtì-kílíìkì gbogbo áàpù tó wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tẹ́ ò mọ iṣẹ́ ẹ̀, ẹ yan Unpin from Start. Àwọn mẹ́tàlá tá a yọ lórí táskì-báà ọ̀rẹ́ mi, márùn-ún péré la kàn mọ́ Start. Tẹ́ ẹ bá wọ́ áíkóònù kan lé orí òmíràn kẹ́ ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀, wọ́n á di fódà kan, ẹ ṣí fódà náà, ẹ tẹ Edit name, ẹ fún un lórúkọ. Tirẹ̀ jẹ́ «Owó orí», sọ́fítíwíà méjì tó jẹ́ oṣooṣù ló ń lò wọ́n ló wà nínú ẹ̀. Ẹ má ṣe fódà fún nkan méje mẹ́jọ o, torí fódà ń fi tẹ̀ kan kún ọ̀nà, ẹni tó bá sì fi gbogbo nkan sínú fódà ti sọ Start di ilé ìkẹ́rùsí.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Settings, Personalization, Start. Tí ọ́pídéètì apá ìparí 2025 ò bá tíì dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ó rí Layout níbẹ̀, ẹ yan More pins kí apá òkè lè gba áàpù sí i kí apá Recommended sì súnkì. Ẹ̀yin tí ọ́pídéètì yẹn ti dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ò ní rí Layout mọ́, Start yín á ti tóbi, gbogbo áàpù á wà ní ojú ewé kan náà pẹ̀lú àwọn tẹ́ ẹ kàn mọ́lẹ̀, ẹ sì lè pa Recommended pátápátá. Lójú ìwé kan náà, ẹ ṣí Folders, ẹ tan Documents àti Downloads, áíkóònù wọn á jókòó tì bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa kọ̀ǹpútà. Ibi tó wúlò tí àwọn èèyàn kì í fọwọ́ kàn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan táskì-báà lè dì gbagidi, ẹ ó tẹ Start kò ní dáhùn, tàbí kí áíkóònù tẹ́ ẹ wọ́ kọ̀ láti dúró síbi tẹ́ ẹ gbé e sí. Kẹ́ ẹ tó tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, Task Manager á ṣí, ẹ wá Windows Explorer nínú ẹ̀, ẹ ráìtì-kílíìkì rẹ̀, ẹ tẹ Restart. Síkíríìnì á ṣú fírí, táskì-báà á lọ á tún padà. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa kọ ọ́, ṣe ni kó ṣí Command Prompt:

```
taskkill /f /im explorer.exe
start explorer.exe
```

Fáìlì Word àti Excel tó wà ní ṣíṣí kò ní pa, àmọ́ àwọn fèrèsé fódà á pa, bẹ́ẹ̀ náà tẹ́ ẹ bá ń kọ́pì fáìlì ńlá lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó parí ná.

Ìbéèrè kan wá láti ẹ̀yìn kí n tó jókòó. Arákùnrin kan ní mónítọ̀ méjì lòun ń lò, áíkóònù kan náà ló wà lórí méjèèjì, òun ò mọ ìdí. Mo ní kó lọ sí Taskbar behaviors yẹn náà, kó wá When using multiple displays, show my taskbar apps on, kó kúrò lórí All taskbars sí Main taskbar and taskbar where window is open. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, mónítọ̀ àgbà á ní gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ètò nọ́ńbà ẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ á máa fi kìkì fèrèsé tó wà lórí ara ẹ̀ hàn. Kíkó jọ ní sẹ́tíǹgì tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún mónítọ̀ ẹ̀gbẹ́, ó wà nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́, nítorí náà ó lè fi ti àgbà sí Always kó fi ti ẹ̀gbẹ́ sí Never. Ó ṣí láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀ lórí itan níbẹ̀, ó ṣe é, ó ní «àṣé ibẹ̀ ló wà látọjọ́ yìí», mo bá gba omi mi mu.